Nígbà Tí Omi Bá Kọ̀ Tí Kò Jáde Nínú Ẹ̀rọ Ìfọ-abọ́

Bí èèyàn bá ṣí ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ ní òwúrọ̀, tó bá omi dúdú tí ọ̀rá léfòó lójú rẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé pọ́ǹpù rẹ̀ ti kú. Ẹni tó bá pè láti tún un ṣe náà lè gbà bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, kó sì dárúkọ owó pọ́ǹpù tuntun kó tó fojú kan ẹ̀rọ náà rárá. Bẹ́ẹ̀ ikú pọ́ǹpù kọ́ ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń dá omi dúró. Asẹ́ tó dí, họ́ọ̀sì tó ṣẹ́po tàbí tó sùn sílẹ̀, àti ẹnu páìpù síǹkì tí ọ̀rá ti dì pa, àwọn wọ̀nyí ló sábà máa ń ṣáájú rẹ̀. Ọwọ́ onílé sì ká gbogbo wọn láìra ohunkóhun.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju pé kí a tọ ipa omi náà lọ, láti ibi tó ti kúrò títí dé ibi tó ń bọ́ sí, kí a má sì fo ibì kankan.

Omi tí ẹ̀rọ yìí ń lò kò pọ̀ tó bí a ṣe ń rò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti òde òní ń fi nǹkan bíi lítà 10 sí 15 fọ gbogbo abọ́ inú wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn kì í sì í gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ á fa lítà díẹ̀ sínú, á máa fọ́n ọn sókè sára abọ́, omi náà á máa ṣàn padà sínú kòtò kékeré tó wà nísàlẹ̀, wọn á tún fọ́n ọn sókè. Bí omi yẹn bá ti dọ̀tí tán, ẹ̀rọ á dà á nù, á sì fa tuntun. Ìdí nìyí tí asẹ́ fi wà lẹ́nu kòtò náà: omi kan náà ló ń yí ká léraléra, kò sì yẹ kí eegun ẹja àti hóró ìrẹsì máa bá a yí.

Pọ́ǹpù méjì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà ní. Èyí tó lágbára ló ń fọ́n omi sókè. Èkejì kéré, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ní, òun ló ń ti omi ìdọ̀tí jáde. Láti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù kékeré yìí, omi á gba ẹnu ilẹ̀kùn rọ́bà kan kọjá, ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ló ń ṣí sí kí omi má baà padà. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ inú họ́ọ̀sì. Họ́ọ̀sì á gun òkè títí dé abẹ́ pẹpẹ kíṣìnnì, á tẹ̀ wálẹ̀ bí ọrùn lékèélékèé, á sì wọ ẹ̀ka kékeré kan lára páìpù síǹkì. Ibẹ̀ ni omi náà yóò ti bá omi síǹkì lọ. Gbogbo ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ibì kan níbẹ̀ tí kò lè dí.

Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá àìsàn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Omi díẹ̀ tó bá kù nínú kòtò lábẹ́ asẹ́ kì í ṣe àìsàn, ó yẹ kó wà níbẹ̀ kí àwọn rọ́bà tó ń dí ojú ibi tí omi lè gbà jò má baà gbẹ. Omi tó ga kọjá asẹ́, tó tẹ́ sórí ilẹ̀ ẹ̀rọ náà, òun ni àìsàn. Fún àwa tí a wà ní Nàìjíríà, ìbéèrè kan tún wà tó ṣáájú gbogbo èyí: ṣé iná ò lọ láàárín iṣẹ́? Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń fọ̀ lọ́wọ́, omi ò ní lè jáde, nítorí pé kò sí ohun tí yóò tì í. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yóò máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dúró sí nígbà tí iná bá dé. Ẹ jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ka omi yẹn sí àìsàn.

Bí ẹ̀rọ náà bá ní ojú tó ń kọ nǹkan, ẹ wo ohun tó kọ síbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n kọ Bosch, Siemens tàbí Neff sí lára, `E24` ń sọ pé omi ò ráyè jáde, `E25` sì ń tọ́ka sí pọ́ǹpù, pé nǹkan há a lẹ́nu tàbí pé ìdérí rẹ̀ ò jókòó dáadáa. Lórí ti LG, `OE` ni yóò kọ. Àmì wọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má kà wọ́n sí ìdájọ́. Ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ kò ju pé omi ò tíì lọ lẹ́yìn àkókò tó yẹ kó ti lọ. Kò ríran dé abẹ́ síǹkì.

Asẹ́ la ó kọ́kọ́ dé. Ẹ pa súìṣì ẹ̀rọ náà lára ògiri. Bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n so wáyà rẹ̀ mọ́ ògiri tààrà, bí ti ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, ẹ pa iná rẹ̀ níbi àpótí iná ilé. Ẹ kó àwo ìsàlẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ife bu omi náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi kànrìnkànrìn fa èyí tó kù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn díẹ̀, nítorí àfọ́kù gíláàsì máa ń farapamọ́ sínú omi dúdú bẹ́ẹ̀.

Asẹ́ náà sábà jẹ́ ẹ̀yà méjì tàbí mẹ́ta tó bọ́ sínú ara wọn: ọ̀kan rí gbọọrọ bí ife, èkejì tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ẹ yí èyí tó rí bí ife sí ọwọ́ òsì, yóò tú, ẹ ó sì lè fà á sókè. Omi gbígbóná láti ẹnu ẹ̀rọ, ọṣẹ ìfọ-abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó tó fún un. Ẹ má fi irin gbo ó, nítorí yóò fa ojú rẹ̀ ya, ojú tó bá sì ti ya kò lè dá eegun dúró mọ́. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá gba ojú rẹ̀ kọjá níbì kan, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, kódà bó bá dà bíi pé ó ti mọ́.

Dídá asẹ́ padà ṣe pàtàkì tó fífọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ jókòó, kí ẹ sì yí i títí yóò fi há gírí. Asẹ́ tó bá mì, tó fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, máa ń jẹ́ kí ìdọ̀tí gba ibẹ̀ lọ bá pọ́ǹpù. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo rí eegun lẹ́nu pọ́ǹpù, àlàfo bẹ́ẹ̀ ló gbà wọlé.

Ní báyìí, ẹ da omi mímọ́ bíi lítà mẹ́ta sínú ẹ̀rọ náà, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ tan iná, kí ẹ sì pàṣẹ fún un pé kó da omi nù. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò fagi lé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, yóò sì da omi nù. Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá yóò sọ bọ́tìnnì tó jẹ́. Ẹ wá dákẹ́, kí ẹ fetí sí i, nítorí etí ló ń pín ọ̀nà níbí yìí.

Bí ẹ bá gbọ́ pé pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ geere, tí omi sì ń ró lábẹ́ síǹkì, asẹ́ nìkan ló ti dí, ó ti tán nìyẹn. Bí pọ́ǹpù bá ń kùn ṣáá, tí omi ò kúrò lójú kan tàbí tó lọ díẹ̀ tó sì dúró, ó jẹ́ pé ó ń gbìyànjú, nǹkan ló dí i lọ́nà, yálà lẹ́nu rẹ̀ gan-an tàbí níwájú. Bí kò bá sí ariwo kankan rárá, iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti jó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíkùn àti dídákẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi ara wọn kí wọ́n tó ra pọ́ǹpù, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé kò náni ní kọ́bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kíṣìnnì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Pẹ́kàmù, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ìyókù. Oṣù kìíní ọdún ni, òtútù sì mú gan-an. Wọ́n ti sọmọ lórúkọ nílé náà ní Sátidé, ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ sì ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, abọ́ ọbẹ̀ lẹ́yìn abọ́ ìrẹsì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, omi pupa rúsúrúsú ga kọjá asẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè ti ní kí wọ́n múra owó pọ́ǹpù sílẹ̀. Wọ́n wá pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì dá a lóhùn. Nígbà tí ẹ ní kó da omi nù, kí lẹ gbọ́?"

"Ó ń kùn, àbúrò mi. Omi lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó wá dúró gbagidi."

"Síǹkì ńkọ́? Bí ẹ bá da omi sí i, ṣé ó ń lọ?"

"Ó ń lọ o, àmọ́ ó ti ń fà á láti ọjọ́ mélòó kan."

Ìdáhùn kejì yẹn ló jẹ́ kí n mú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá lọ́wọ́ nígbà tí mò ń lọ. Síǹkì àti ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ jọ ń lo páìpù kan náà ni. Bí àwọn méjèèjì bá ń fà nígbà kan náà, ibi tí wọ́n ti pàdé ló yẹ ká fura sí, kì í ṣe inú ẹ̀rọ.

A bẹ̀rẹ̀ láti asẹ́ bó ti yẹ. Ìrẹsì wà nínú rẹ̀, epo pupa sì ti dì mọ́ ojú rẹ̀. A fọ̀ ọ́, a dá a padà, a tún ní kí ẹ̀rọ da omi nù. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀, ó kùn, omi sì dúró. Ìgbà náà ni mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Họ́ọ̀sì ò ní ọrùn kankan. Ó sùn sórí ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn àwọn ìgò ọṣẹ, ó sì gbé orí díẹ̀ lásìkò tó fẹ́ wọ ẹ̀ka páìpù. Mo fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ẹnu, kò ṣẹ́po, kò sì sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ pa. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ti yí sẹ́yìn, tó fún họ́ọ̀sì mọ́ ògiri, ibẹ̀ là bá dúró sí, nítorí ìyẹn náà wọ́pọ̀, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé tàbí tí wọ́n fà á síta láti gbálẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ṣe ìdánwò bọ́kẹ́ẹ̀tì, òun ló sì níye lórí jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, nítorí ó ń pín ọ̀nà omi sí méjì. Mo tú òrùka irin tó di họ́ọ̀sì mọ́ ẹ̀ka páìpù, mo fa họ́ọ̀sì yọ, mo sì yára gbé ẹnu rẹ̀ sókè. Gbígbé e sókè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmá-bà-ilẹ̀-jẹ́ nìkan. Bí ẹnu họ́ọ̀sì bá wà nísàlẹ̀ ju omi inú ẹ̀rọ lọ, omi yóò máa ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, èèyàn á sì rò pé pọ́ǹpù ló ń tì í. Ẹ jẹ́ kí họ́ọ̀sì gun òkè kọ́kọ́ dé nǹkan bí ibi tó yẹ kó gùn dé, kí ẹnu rẹ̀ wá dojú kọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti òkè wá. Mo dì í mú bẹ́ẹ̀, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi tẹ bọ́tìnnì.

Omi tú jáde pẹ̀lú agbára. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ẹ̀rọ fi gbẹ. Pọ́ǹpù tí wọ́n ní kí wọ́n lọ rà òmíràn dípò rẹ̀ ló ta omi báyìí.

Bí omi bá jáde geere sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ẹnu họ́ọ̀sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn: asẹ́, pọ́ǹpù, họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ síǹkì ló kù. Bí omi bá ń kán tóó-tóó tàbí tí kò jáde rárá, ọ̀dọ̀ síǹkì ti bọ́ nínú ọ̀ràn, ẹ padà sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò yìí kò tún ní máa méfò.

Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu ẹ̀ka páìpù náà, ọ̀rá tó pupa bí ìyẹ̀fun osùn ló dí i, ó kù ihò kékeré kan láàárín. Epo pupa ni, ó sì yẹ kí àwa tí a ń se ọbẹ̀ wa nílẹ̀ òtútù mọ ìwà rẹ̀. Epo yìí kì í yọ́ tán pátápátá àfi bí ooru bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 35 lórí ìdíwọ̀n Sẹ́sìọ́ọ̀sì. Nínú kíṣìnnì ní Ìbàdàn ó máa ń rọ̀ dáadáa. Nínú páìpù ike tó fara ti ògiri ìta nílùú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní oṣù kìíní, yóò dì bí ọ̀rá màlúù. Omi ẹ̀rọ gbóná nígbà tó kúrò lára abọ́, ó sì ru epo náà dání, ṣùgbọ́n ẹ̀ka páìpù yẹn tutù, ọ̀nà rẹ̀ sì tóóró jù ní gbogbo ibẹ̀. Ibẹ̀ ni epo ń gbé jókòó, ìpele lé ìpele.

Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí ha a jáde. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ síǹkì, mo tú u pẹ̀lú ọwọ́, a sì fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ inú rẹ̀. Epo wà níbẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí síǹkì fi ń fà. Omi gbígbóná tí mo wí yìí, ti ẹnu ẹ̀rọ ni o. Omi tó ń hó lórí iná lè ba àwọn oríkèé páìpù ike jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè bóyá a ò lè da oògùn tó ń la páìpù sínú ẹ̀rọ náà dípò gbogbo wàhálà yìí. Kò yẹ rárá. Oògùn wọ̀nyẹn ń jẹ rọ́bà inú ẹ̀rọ, bí kò bá sì tún la ọ̀nà, omi tó lè jó èèyàn lára ló máa dúró síbẹ̀ de ẹni tó máa bu ú. Ọtí kíkan àti sódà tí àwọn kan ń dà sí i kò léwu bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn kò lè gbé eegun tàbí àfọ́kù gíláàsì kúrò lójú kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọrùn họ́ọ̀sì. Mo so họ́ọ̀sì padà mọ́ ẹ̀ka rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù bó ti wà, mo nu inú ẹ̀rọ gbẹ, mo dí síǹkì, mo pọn omi kún un dé ìdajì, mo sì tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a ṣí ẹ̀rọ ìfọ-abọ́, omi síǹkì ti wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn rọ́bà tó yẹ kó dá omi padà kò dí pinpin mọ́, bó sì ti máa ń rí nìyẹn bí ọ̀rá bá ti bà lé e. Ọrùn ló ń ṣe iṣẹ́ tí ilẹ̀kùn yẹn kò lè dá ṣe. Bí họ́ọ̀sì bá gun òkè ju ibi tí omi síǹkì ń gbà lọ, omi ò lè gun òkè náà padà. Bó bá sùn sílẹ̀, kò sí ohun tó dá omi dúró.

Mo kan ìkọ́ kan mọ́ abẹ́ pẹpẹ, lókè pátápátá nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo sì fi okùn ike so họ́ọ̀sì mọ́ ọn láìfún un lọ́rùn. A tún ìdánwò síǹkì ṣe. Inú ẹ̀rọ gbẹ táútáú.

Ìyẹn jẹ́ ká mọ̀ pé àìsàn méjì ló wà nínú kíṣìnnì yẹn, wọ́n sì jọra lójú ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn tó rí omi. Ọ̀kan ni omi tí kò lè jáde. Èkejì ni omi tó jáde tó tún padà. Bí ẹ̀rọ yín bá gbẹ nígbà tó parí iṣẹ́ lálẹ́, tí ẹ wá bá omi nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnì kan ti lo síǹkì, ẹ má ṣí pọ́ǹpù, ọrùn họ́ọ̀sì ni kí ẹ lọ wò.

Gíga ọrùn náà ní ìwọ̀n. Ìwé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń fẹ́ kó ga tó nǹkan bí ìdajì mítà láti ilẹ̀, kó má sì ga ju mítà kan tàbí díẹ̀ lé e lọ. Bó bá ga jù, tàbí tí wọ́n fi họ́ọ̀sì mìíràn sọ ọ́ kó lè gùn dé ọ̀nà jíjìn, agbára pọ́ǹpù kékeré yẹn kò ní gbé omi dé òkè.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tuntun ni, tí kò sì tíì da omi nù rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, ẹ wo ẹ̀ka páìpù síǹkì. Wọ́n sábà máa ń dí ẹnu rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ó sì yẹ kí ẹni tó so họ́ọ̀sì ti gé e tàbí lu ú kó tó so ó. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ní ẹ̀rọ tó ń lọ àjẹkù oúnjẹ lábẹ́ síǹkì, ìdènà ike bẹ́ẹ̀ wà lára òun náà, ó sì yẹ kí wọ́n ti gbá a wọlé kí wọ́n sì yọ ọ́ jáde kí họ́ọ̀sì tó wọ̀ ọ́. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Kalifọ́níà, ẹ tún lè rí ìdérí kékeré kan tó dúró lórí síǹkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, tí họ́ọ̀sì gbabẹ̀ kọjá. Bí omi bá ń tú lára ìdérí yẹn sínú síǹkì, láàárín òun àti páìpù ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà ti dí.

Pọ́ǹpù ló kù, fún ẹni tí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò rí omi. Ẹ tún pa iná rẹ̀ lára ògiri, ẹ bu omi tán, ẹ yọ asẹ́. Nínú kòtò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ìdérí ike kékeré tó bo ẹnu pọ́ǹpù. Ẹ lè fi ṣíbí gbé e láti etí kó tó ṣí. Àwọn mìíràn ní sukúrù kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń ti omi. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ kí ẹ tó ti ìka bọ̀ ọ́. Àfọ́kù gíláàsì, igi ìtayín, èérún eegun adìẹ, èèpo edé, àti bébà tó bó lára ìgò tí ẹnì kan fọ̀ láìkọ́kọ́ ya á kúrò, irú nǹkan báyìí ló ń há a.

Nígbà tí ẹ bá ti yọ ohun tó há síbẹ̀, ẹ fi ìka yí abẹ̀bẹ̀ náà. Kò ní yí wẹ́rẹ́ bí táyà kẹ̀kẹ́. Yóò máa fà, yóò máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn, torí pé mágínẹ́ẹ̀tì ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fà á. Àìmọ èyí ti mú kí àwọn kan ju pọ́ǹpù tó dára nù. Èyí tí kò dára ni abẹ̀bẹ̀ tí kò yí rárá lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ìdọ̀tí, èyí tí apá rẹ̀ ti ṣẹ́, tàbí èyí tó ń yí láìní ìfà kankan, bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan. Ẹ dá ìdérí náà padà títí yóò fi dún kápá. Bí kò bá jókòó, pọ́ǹpù á máa kùn, omi ò sì ní lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìdọ̀tí mọ́.

Ibi tí iṣẹ́ onílé parí sí nìyí. Bí abẹ̀bẹ̀ bá mọ́, tí họ́ọ̀sì mọ́, tí ẹ sì tún pàṣẹ fún un tí kò dún rárá, ọ̀ràn ti di ti iná: pọ́ǹpù ti jó, tàbí wáyà ti já, tàbí pákó iná inú ẹ̀rọ ò rán iná sí i. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ dojú dé kí ẹnì kan tó lè fi míta dá wọn mọ̀ yàtọ̀, iṣẹ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ iná sì ni. Bákan náà ni bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ láìdákẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ti gbẹ. Omi ti jò sínú àwo tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ń gbìyànjú láti dáàbò bo ilé ni. Ẹ pa ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń bọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ pe oníṣẹ́.

Bí ẹ bá wá pè é, ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ àti ohun tí ẹ rí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún un. "Mo fọ asẹ́, ẹ̀ka páìpù mọ́, abẹ̀bẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ò dún rárá." Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò mọ ohun tó yẹ kó gbé dání láti inú gbólóhùn yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń se ọbẹ̀ bó ti ń sè é. Ó kàn ń fi bébà nu epo kúrò lójú abọ́ kó tó tò ó sínú ẹ̀rọ, ó sì ń ṣí omi gbígbóná sí síǹkì títí páìpù yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó ń fi èyí tó gbóná jù, ìwọ̀n 70, fọ abọ́ kó lè yọ́ ọ̀rá inú họ́ọ̀sì. Nígbà òtútù, ó ń yọ asẹ́ fọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.